Omi ọṣẹ láti inú ẹ̀rọ ìfọṣọ aládùúgbò: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ìwé pẹ̀lẹ́ tí a lè kọ sí i

Ìdílé mẹ́rin ló ń gbé ilé tí mo wà ní Adó-Èkìtì. Ọ̀nà tóóró kan tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì dán wà láàárín ẹ̀yìn ilé àti ògiri ọgbà. Òun ni gbogbo wa ń gbà lọ síbi kànga àti síbi okùn aṣọ. Nígbà tí ará ilé wa kan, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ìbejì, ra ẹ̀rọ ìfọṣọ, ojú ọ̀nà yìí ni omi rẹ̀ ń dà sí. Mo kọ ìwé sí wọn. Èyí tí mo kọ́kọ́ kọ kò dára, mo fà á ya. Èkejì ni mo fún wọn, òun ló sì yanjú ọ̀rọ̀ náà. Láti ìgbà yẹn ni àwọn ojúlùmọ̀ ti ń ní kí n bá àwọn kọ irú rẹ̀. Àwọn ohun tí wọ́n máa ń bi mí nìyí, àti ohun tí mo máa ń sọ fún wọn.

Ṣé ìwé ló yẹ kí a kọ sí ẹni tí a ń kí láràárọ̀? Ṣebí ojú lọ̀rọ̀ wà?

Ojú lọ̀rọ̀ wà lóòótọ́, mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni kọ ìwé sílẹ̀ kó máa sá fún aládùúgbò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ omi yìí ní ìṣòro tirẹ̀. Ìgbà tí inú ń bí wa ni ìgbà tí ẹsẹ̀ wa wà nínú omi náà. Bí a bá kan ilẹ̀kùn ní ìṣẹ́jú yẹn, ohùn wa yóò ti sọ ohun tí ẹnu wa kò fẹ́ sọ. Èkejì ni pé ní ọ̀pọ̀ ilé, ẹni tó ń fọṣọ kọ́ ló máa fún pùlọ́ńbà lówó. Ọkọ Ìyá Ìbejì ń ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́, òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń wálé. Bí mo bá fẹnu sọ ọ́ fún ìyàwó, ìyàwó ni yóò tún un sọ fún ọkọ, ó sì lè jẹ́ pé ohun tí yóò dé etí bàbá ni pé ará yàrá kejì ń bá wọn jà. Ìwé ni yóò sọ ohun kan náà fún àwọn méjèèjì.

Ẹ fi ọwọ́ ara yín fún wọn. Ẹ kí wọn, ẹ béèrè àwọn ọmọ, kí ẹ wá sọ pé, “Ẹ jọ̀wọ́, mo kọ nǹkan kékeré kan sí yín, ẹ kà á tí ọwọ́ yín bá dilẹ̀.” Ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn, nítorí gbogbo ẹni tó bá kọjá ni yóò kà á. Ẹ má fi rán ọmọdé. Ẹ má sì gbé e sórí Wọ́sáàpù tí gbogbo ará ilé wà, torí ohun tí a bá sọ níbẹ̀, ẹjọ́ ni aládùúgbò yóò kà á sí, yóò sì fẹ́ rò ó lójú gbogbo èèyàn.

Kí ni mo gbọ́dọ̀ mọ̀ kí n tó mú bírò?

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí omi náà ti ń wá gan-an. Ohun tó jọ ẹ̀bi aládùúgbò lè jẹ́ ẹ̀bi gọ́tà. Nílé ọ̀rẹ́ mi kan, omi ẹ̀rọ ìfọṣọ ń wọ gọ́tà bó ṣe yẹ, àmọ́ ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ti dí gọ́tà náà nísàlẹ̀, omi wá ń kún padà sójú ọ̀nà. Díẹ̀ ló kù kí ó kọ ìwé ẹ̀sùn sí ẹni tí kò ṣẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí ẹ bá gbọ́ tí ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́, ẹ jáde wò ó. Bí omi bá ń tú láti ẹnu rọ́bà sórí sìmẹ́ńtì, rọ́bà ni wọ́n kàn gbé sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ń sun jáde lára ògiri, páìpù inú ògiri ló ti là, aládùúgbò lè má tilẹ̀ mọ̀. Bí ó bá wọ gọ́tà kí ó tó kún padà, gbogbo ilé ló ni gọ́tà, kí gbogbo ilé jọ kó o.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí sílẹ̀ ní ìgbà mẹ́ta, àti ibi tí omi dé. Tèmi rí báyìí: ọjọ́ Ajé, aago mọ́kànlá alẹ́, omi dé etí kànga, Ọjọ́rú, aago márùn-ún ìdájí, omi dé etí kànga, ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago mẹ́wàá àárọ̀, omi dúró sí ẹnu ọ̀nà mi. Ìgbà tí mo wo àkọsílẹ̀ yìí ni inú mi rọ̀. Wákàtí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ ìgbà tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ìyá Ìbejì kò mọ̀ọ́mọ̀ fọṣọ lóru láti yọ wá lẹ́nu. Iná ni wọ́n ń sá tẹ̀lé, bí gbogbo wa ṣe ń sá tẹ̀lé e láti lọ aṣọ àti láti fa omi.

Ṣé irú ẹ̀rọ tí wọ́n ní ṣe pàtàkì? Kí ló dé tí wọn kò kàn gbé rọ́bà náà sínú síǹkì?

Ó ṣe pàtàkì gan-an, torí bí a bá bẹ aládùúgbò pé kí ó ṣe ohun tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò lè ṣe, ìwé wa di asán.

Ẹ̀rọ oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ nílé wa. Ọ̀kan ní ihò méjì lórí, ọ̀kan fún fífọ̀, èkejì fún fífún omi kúrò lára aṣọ. Ọ̀pọ̀ irú èyí kò ní ohun tó ń ti omi jáde. Omi kàn ń wálẹ̀ fúnra rẹ̀ ni, bí ìgbà tí a bá ṣí ìdí kẹ́ẹ̀gì. Nítorí náà rọ́bà rẹ̀ gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju ìdí ihò ìfọṣọ lọ. Bí a bá gbé e sókè sínú síǹkì, omi kò ní lọ, yóò dúró sínú ẹ̀rọ pẹ̀lú aṣọ. Irú èyí ni ti Ìyá Ìbejì.

Èkejì ni èyí tó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ fúnra rẹ̀ bí a bá ti tẹ bọ́tìnnì. Òun ní pọ́ǹpù kékeré tó ń ti omi jáde, ó sì lè tì í gòkè. Àwọn tó ń ṣe é fẹ́ kí ẹnu rọ́bà rẹ̀ ga sókè, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 60 sí 100 láti ilẹ̀. Bí rọ́bà irú èyí bá sùn sílẹ̀ lójú ọ̀nà, kì í ṣe àwa tí à ń yọ̀ nìkan ló ń pa lára. Omi lè máa sá jáde bí ẹ̀rọ ṣe ń fà á wọlé, ẹ̀rọ yóò máa fa omi ṣáá láìkún, aṣọ kò sì ní mọ́. Bí ẹ bá rí i pé omi tó ń dà sójú ọ̀nà kò hó rárá, tó dà bí omi kànga, tó sì ń ṣàn láìdáwọ́dúró, ẹ fura sí èyí. Ẹ lè fi í sínú ìwé yín bí ìròyìn tó wúlò fún wọn, nítorí owó omi àti iná wọn ló ń ṣòfò.

Omi ẹ̀rọ kan ha lè pọ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Ìyá Ìbejì fúnra wọn ló sọ fún mi nígbà tó yá pé báàkẹ́ẹ̀tì ọ̀dà méjì ààbọ̀ ni wọ́n ń pọn sínú ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀kan. Báàkẹ́ẹ̀tì ọ̀dà ńlá gba lítà 20, nítorí náà lítà 50 nìyẹn. Wọ́n ń fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ń ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì. Lítà 150 ni yóò jáde ní ìfọṣọ kan ṣoṣo, ìdá mẹ́ta rẹ̀ sì ń jáde láàárín ìṣẹ́jú bíi mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí kò fi dà bí omi àwo tí ẹnìkan dà nù. Ilẹ̀ kò ráyè mu ún kí èyí tó tẹ̀lé e tó dé.

Wọ́n ní omi ọṣẹ ni, pé ó ń bá wa fọ ilẹ̀ ni. Kí ni mo lè fi dá wọn lóhùn?

Mo ti gbọ́ èyí rí, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni búburú. Ẹni tó sọ ọ́ gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé omi náà ń gbẹ, ọṣẹ kì í gbẹ lọ. Ó ń ṣẹ́kù sórí sìmẹ́ńtì bí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. A kò ní rí i, a ó sì rò pé ilẹ̀ ti dára. Bí òjò kékeré bá wá bọ́ sí i, tàbí tí ẹnìkan bá gbé omi kànga kọjá tó ta díẹ̀ sílẹ̀, awọ yẹn yóò jí padà, ilẹ̀ yóò sì yọ̀ ju ìgbà tí omi ọṣẹ gan-an wà níbẹ̀ lọ, nítorí kò sí ẹni tó ń ṣọ́ra mọ́. Níbi tí oòrùn kì í dé, bíi àárín ògiri méjì, ilẹ̀ tí kì í gbẹ yóò hu nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ bí ilá. Sìmẹ́ńtì tí wọ́n dán bíi dígí ló burú jù.

Ẹ lè dán an wò kí ẹ tó sọ fún wọn. Lọ́jọ́ tí ilẹ̀ bá gbẹ, ẹ da ife omi mímọ́ kan sí ibi tí omi ẹ̀rọ ń gbà, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó. Bí ó bá hó, ọṣẹ ti kún ibẹ̀. Mo ṣe é níwájú Ìyá Ìbejì, ó hó funfun, wọ́n sì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Mi ò ní láti sọ ohunkóhun sí i.

Bí ẹ bá fẹ́ kó o kúrò, iyanrìn, búrọ́ọ̀ṣì líle àti omi mímọ́ ni. Ẹ má fi ọṣẹ mìíràn kún un.

Báwo ni ìwé tí ẹ fà ya ṣe rí?

Mo rántí rẹ̀ dáadáa, ó sì ń dùn mí pé mo ronú bẹ́ẹ̀. Mo kọ ọ́ ní alẹ́ ọjọ́ tí ìyá mi, tó wá kí mi láti Ìjerò, yọ̀ lójú ọ̀nà yẹn. Ó lọ báyìí: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé da omi ọṣẹ sójú ọ̀nà. Gbogbo ilé ló ń ráhùn. Ilé yìí kì í ṣe ilé ẹnìkan.”

Gbólóhùn mẹ́ta péré, kò sì sí èyí tó dára nínú wọn. Àkọ́kọ́ sọ pé kí wọ́n yé, kò sọ ibi tí wọ́n lè da omi sí. Ẹni tí kò ní ibòmíràn tí yóò da omi sí kò lè yé, àfi tí kò bá fọṣọ mọ́, wọ́n sì ní ìbejì tí kò tíì pé ọdún méjì. Èkejì kì í ṣe òótọ́. Mi ò tíì bá ẹnikẹ́ni nínú ilé sọ ọ́. Bí ẹ bá kọ “gbogbo wa”, aládùúgbò yóò máa wo ojú gbogbo ará ilé láti mọ ẹni tó dá sí i, èyí tí kò mọ nǹkan kan yóò sì jìyà ojú burúkú. Ẹ kọ “èmi”. Ẹ̀kẹta, èébú ni.

Báwo wá ni èyí tí ẹ fún wọn ṣe rí?

Ó lọ báyìí:

“Ẹ̀yin wa Ìyá Ìbejì,

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ọlọ́run yóò dá wọn sí fún wa.

Ọ̀rọ̀ omi tó ń jáde láti inú ẹ̀rọ ìfọṣọ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Rọ́bà rẹ̀ ń tú omi ọṣẹ sójú ọ̀nà tí a ń gbà lọ síbi kànga. Ní alẹ́ ọjọ́ Ajé àti ní ìdájí Ọjọ́rú, ó dé etí kànga. Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, ìyá mi yọ̀ níbẹ̀, ògiri ni wọ́n dì mú. Wọn kò fara pa, a dúpẹ́.

Mo mọ̀ pé ìgbà tí iná bá dé nìkan ni ẹ lè fọṣọ, mi ò sì sọ pé kí ẹ má fọ̀ ọ́. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kí a wá bí omi náà yóò ṣe máa wọ sọkawé. Mo wọ̀n ọ́n. Láti ẹ̀yìn yàrá yín dé sọkawé jẹ́ mítà méje. Páìpù onínṣì méjì lè gba ara ògiri, àkàsọ̀ ẹ̀yìn tèmi nìkan ló sì wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Wọ́n lè fọ́ àkàsọ̀ náà kí páìpù gba abẹ́ rẹ̀, kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì dí i padà. Mo fara mọ́ ọn. Bí ó bá rọ̀ yín lọ́rùn, mo lè bá yín pe pùlọ́ńbà wá lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta, nígbà tí Bàbá Ìbejì bá wà nílé.

Kó tó dìgbà yẹn, bàsíà ńlá méjì wà lọ́dọ̀ mi tí ẹ lè máa gbé sábẹ́ rọ́bà.

Ẹ má bínú pé ìwé ni mo kọ. Mo fẹ́ kí Bàbá náà lè rí i kà ni.

Èmi, ará ilé yín, yàrá kejì.”

Ohun tí mo rò pé ó jẹ́ kí ó wọ̀ wọ́n létí ni àkàsọ̀ mi. Wọ́n rí i pé èmi náà fẹ́ pàdánù nǹkan kan. Ẹ wo ohun tí ẹ̀yin lè fi sílẹ̀, bó ti wù kó kéré tó, kí ẹ fi í sínú ìwé. Kí ẹ sì kọ orúkọ tàbí yàrá yín. Ìwé tí kò ní orúkọ a máa dẹ́rù bani.

Aládùúgbò mi kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Ṣé mo tún gbọ́dọ̀ máa fi “ẹ” kọ ọ́?

Bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́nu, ẹ lè máa bá a sọ ẹ̀ka èdè ìlú yín, kí ẹ máa pè é ní “ìwọ”, kò sì sí ẹni tí yóò bínú. Nínú ìwé, kò sí ẹ̀rín lójú, kò sí ohùn, “ìwọ” yóò sì dà bí ìbáwí. Bí ó bá jẹ́ àgbàlagbà, ẹ kí wọn pẹ́ díẹ̀ sí i, ẹ sì pè wọ́n ní “Màmá” tàbí “Bàbá”. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìkíni náà gùn ju ẹ̀bẹ̀ lọ ṣá. Mo ti rí ìwé tí ó fi àdúrà kún ojú ewé, tí ẹni tó gbà á kò sì mọ ohun tí wọ́n ń bẹ òun fún.

Kí ló dé tí ẹ kọ mítà méje àti páìpù onínṣì méjì? Ṣé kò yẹ kí ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún pùlọ́ńbà?

Torí pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń rò pé iṣẹ́ ńlá ni, wọ́n á sì máa sún un síwájú. Bí wọ́n bá rí i pé ìwọ̀n kékeré ni, wọ́n á pe pùlọ́ńbà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe ìṣirò náà bí a ṣe ṣe é. Omi inú páìpù nílò ìdàgẹ̀rẹ̀. Èyí tí àwọn pùlọ́ńbà ń lò fún páìpù onínṣì méjì ni kí ó máa wálẹ̀ bíi sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀ ní mítà kọ̀ọ̀kan. Fún mítà méje, sẹ̀ǹtímítà 17 ààbọ̀ nìyẹn. Ilẹ̀ inú yàrá wa fi àkàsọ̀ méjì ga ju ojú ọ̀nà lọ, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30. Wọ́n lu ihò sára ògiri sẹ́bàá ilẹ̀ yàrá, páìpù bẹ̀rẹ̀ níta ní sẹ̀ǹtímítà 28 sókè ojú ọ̀nà, ó sì dé ẹ̀gbẹ́ sọkawé ní sẹ̀ǹtímítà 10 ààbọ̀ sókè, kí ó tó tẹ̀ bọ inú rẹ̀. Àyè kù. Bí ilẹ̀ yàrá yín àti ojú ọ̀nà bá dọ́gba, kò ní sí àyè yìí. Ẹ̀rọ oníhò méjì yóò nílò pèpéle bulọ́ọ̀kù kan lábẹ́ rẹ̀ kí omi tó lè lọ, kí ẹ sì gbà wọ́n nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀.

Páìpù tó kéré sí onínṣì méjì máa ń dí. Òwú aṣọ tó ń tẹ̀lé omi jáde ń lẹ̀ mọ́ ọṣẹ nínú rẹ̀, títí ihò yóò fi tó ìka kan.

Ṣé kò rọrùn kí omi náà kàn wọ táńkì ilé ìgbọ̀nsẹ̀?

Rárá o. Inú táńkì yẹn, ìdọ̀tí ń rọ̀ wálẹ̀ sí ìdí rẹ̀ ni, àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí sì ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Lítà 50 tó bá ya wọ̀ ọ́ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin yóò ru ìdọ̀tí náà sókè, yóò sì tì í bọ́ sínú sọkawé, sọkawé yóò wá dí. Bí wọ́n bá ń lo ohun tó ń mú aṣọ funfun mọ́, yóò pa àwọn kòkòrò náà pẹ̀lú. Sọkawé tó ń gba omi balùwẹ̀ ló tọ́ sí i.

Àwọn kan bẹ̀rù pé sọkawé yóò tètè kún. Nílé wa, èèyàn méjìdínlógún ni wá. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá fi báàkẹ́ẹ̀tì kan wẹ̀ lójúmọ́, lítà 360 nìyẹn ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ìfọṣọ mẹ́ta ní ọ̀sẹ̀ kò ju lítà 450 lọ ní odindi ọ̀sẹ̀. Sọkawé tó gba ti ìwẹ̀ yóò gba ti ìfọṣọ. Àmọ́ bí omi balùwẹ̀ yín bá ti ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, tí ilẹ̀ orí sọkawé sì máa ń tutù nígbà òjò, ó ti kún tẹ́lẹ̀, ẹ má fi kún un. Èyí wọ́pọ̀ ní Èkìtì. Àpáta kò jìnnà sí ojú ilẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi, àwọn tó gbẹ́ sọkawé a sì dúró níbi tí ṣọ́bìrì bá ti kan àpáta. Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kí a sáré gbẹ́ ihò tuntun sí ẹ̀gbẹ́ kànga. Mítà 30 ni a máa ń gbani nímọ̀ràn pé kó wà láàárín ihò omi ìdọ̀tí àti kànga.

Kí ni wọ́n lè máa ṣe títí pùlọ́ńbà yóò fi dé?

Bàsíà tó fẹ̀ tó sì rẹlẹ̀, kì í ṣe báàkẹ́ẹ̀tì gíga, torí omi kò ní fẹ́ gun etí báàkẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rọ oníhò méjì ní kókó kan tí a ń yí kí omi tó jáde. Bí bàsíà bá kún, a yí i padà, omi á dúró, a lọ dà á sí balùwẹ̀. Omi ìṣàn kejì mọ́ tó láti fi da ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa níbi tí à ń fa omi nínú kànga, èyí gba wàhálà díẹ̀ lọ́wọ́ Ìyá Ìbejì fúnra wọn, wọ́n sì ń ṣe é títí di òní.

Ta ló máa sanwó, ṣé onílé tàbí ẹni tó ni ẹ̀rọ?

Ẹni tó ni ẹ̀rọ ló ra páìpù nílé wa. Onílé gbọ́dọ̀ mọ̀ ṣá, nítorí ògiri rẹ̀ ni wọn yóò lù, sọkawé rẹ̀ sì ni. Ẹ jẹ́ kí aládùúgbò fúnra rẹ̀ pe onílé. Bí ẹ̀yin bá pè é, ẹjọ́ ni yóò dà bí.

Bí wọn kò bá dáhùn ńkọ́?

Ẹ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kan, kí òpin ọ̀sẹ̀ kan wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fẹnu béèrè: “Ṣé ẹ ráyè ka ìwé mi?” Ó lè jẹ́ pé owó ni kò tíì sí, ojú sì ń tì wọ́n láti sọ. Bí ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn bá kọjá, ẹ bá alámòójútó ilé sọ ọ́, kí ẹ sọ fún aládùúgbò tẹ́lẹ̀ pé ẹ fẹ́ sọ ọ́. Àwọn wolé-wolé ìjọba ìbílẹ̀ wà lóòótọ́, omi ìdọ̀tí tó ń ṣàn lójú ọ̀nà sì wà lára iṣẹ́ wọn. Èmi kò ní pè wọ́n sí ilé tí mo ṣì fẹ́ gbé, àfi tí omi náà bá ń wọ kànga.

Ṣé omi náà ti dáwọ́ dúró nílé yín báyìí?

Ó ti dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Pùlọ́ńbà fi téèpù dì rọ́bà mọ́ ẹnu páìpù pinpin, ó rò pé ìyẹn ló dára jù. Ní ìfọṣọ àkọ́kọ́, páìpù ń pariwo bí ẹni tó ń gbé omi mì, ọṣẹ sì hó padà gba ihò ògiri wọ ilé ìdáná Ìyá Ìbejì. Afẹ́fẹ́ kò rí ibi gbà ni. Bí omi bá ń wọ páìpù, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde. A tú téèpù náà kúrò, a jẹ́ kí rọ́bà kàn wọ ẹnu páìpù láìdì í, ariwo náà sì dákẹ́. Wọ́n fi ìdérí tó ṣe é ṣí sí ìpẹ̀kun páìpù. Lóṣooṣù ni Bàbá Ìbejì ń ṣí i, tí wọ́n ń fi wáyà fa òwú inú rẹ̀ jáde. Lóṣù tó kọjá, ẹ̀kún ọwọ́ kan ni wọ́n fà jáde.